Lẹ́tà tí a kọ sí alágbàtà oúnjẹ adìẹ: àpò 30 dípò 100, àti ọjọ́ ìsanwó tó bá ọjọ́ títà mu

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà la mú wá lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sọ fún wa pé alágbàtà oúnjẹ adìẹ kì í fẹ́ gbọ́ tẹni tí adìẹ rẹ̀ kò pọ̀. Á ní àpò 100 lẹ ó rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó á sì pé lọ́wọ́ òun kí wọ́n tó gbé àpò kan jáde ní sítọ́ọ̀. Bí ẹ bá fẹnu bẹ̀ ẹ́, á ní òun ti gbọ́, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. A fẹ́ sọ bí àwa àti àwọn ọlọ́sìn márùn-ún kan ní Múṣin àti Súrùlérè ṣe kọ lẹ́tà sí irú alágbàtà bẹ́ẹ̀: ohun tí a kọ́kọ́ ṣírò, ohun tí a kọ, àti ohun tó fi dá wa lóhùn.

Àwọn márààrún ń sin bùróílà lẹ́yìn ilé. Ẹni tó ní 80 wà nínú wọn, ẹni tó ní 200 náà wà níbẹ̀. Bí a bá pa á pọ̀, adìẹ 600 ni. Ọjà Múṣin ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ adìẹ lápò kan, lápò méjì, ₦1,500 sì ni oníṣọ́ọ̀bù ń lé sórí àpò kọ̀ọ̀kan ju ti alágbàtà lọ. Kò jọ owó ńlá, àmọ́ adìẹ 600 á jẹ tó àpò 100 kí wọ́n tó tà wọ́n. ₦150,000 nìyẹn lórí ọ̀wọ́ adìẹ kan ṣoṣo. Ìyá kan nínú wọn sọ fún wa gbangba pé bí ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ bá tún lọ báyìí, òun á tú ilé adìẹ náà, òun á ta páànù àti pákó rẹ̀. Wọ́n sì ti san àsansílẹ̀ fún ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan nígbà yẹn, ọjọ́ tí wọ́n máa kó wọn dé ti wà nílẹ̀. Bí a ó bá kọ lẹ́tà, kò yẹ kó pẹ́.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a ṣírò oúnjẹ náà ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Bùróílà kan tí a fẹ́ tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa ń jẹ nǹkan bíi kílò mẹ́rin lápapọ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹ́ bákan náà lójoojúmọ́. Ọmọ adìẹ kì í jẹ púpọ̀, èyí tó ti dàgbà ló ń jẹ bí iná. Fún adìẹ 600, tí àpò kan bá jẹ́ kílò 25, àpò 4 ló lọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, 9 ní ìkejì, 15 ní ìkẹta. Ó wá di 19 ní ìkẹrin, 24 ní ìkarùn-ún, 26 ní ìkẹfà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ àpò 97.

Ẹ wo ohun tí ìṣirò yẹn fi hàn wá. Lóòótọ́, a nílò tó àpò 100 tí alágbàtà ń sọ. Ohun tí a kò nílò ni kó wọlé lọ́jọ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, 28 péré ni adìẹ máa jẹ, sítátà ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá ra 100 lọ́jọ́ kìíní, èyí tó ju 70 nínú rẹ̀ á jókòó. Ibo ló fẹ́ jókòó sí ní Múṣin, níbi tí yàrá kan ti jẹ́ ilé, tó tún jẹ́ sítọ́ọ̀? Ooru Èkó àti ọ̀rinrin rẹ̀ kì í jẹ́ kí oúnjẹ adìẹ pẹ́. Bí ó bá ti ń lọ sí oṣù kan, ebu lè ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, pàápàá tí àpò bá fara kan ògiri tàbí tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ebu yẹn ló ń bí májèlé tí wọ́n ń pè ní àfúlátọ́sìn, ẹ̀dọ̀ adìẹ ló sì ń bà jẹ́. Ẹ ó rí i pé adìẹ ń jẹ, kò sanra. Nítorí náà, a pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: àpò 30 kí ọmọ adìẹ tó dé, 40 ní ogúnjọ́, 30 ní ọjọ́ 33. Àpò 100 náà ló ṣì jẹ́. Iye tí alágbàtà máa tà fún wa kò dín, bí yóò ṣe jáde ní sítọ́ọ̀ rẹ̀ ló yí padà.

Lẹ́yìn èyí la lọ kí Àlhájà tó ni ìsọ̀ náà, láti bi í ní ìbéèrè kan péré: ta ló gbé òfin àpò 100 kalẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń po oúnjẹ ni àbí àwọn fúnra wọn? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì gan-an. Bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ló ṣe é, alágbàtà kò lè yí i padà, ẹ kàn máa da ara yín láàmú ni. Wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni. Àpò 100 ló ń jẹ́ kí owó mọ́tò tí wọ́n fi ń gbé e lọ sílé oníbàárà mọ́gbọ́n wá, nítorí owó epo kan náà ni mọ́tò máa jó bóyá ó kó 30 tàbí 100. Ìyẹn túmọ̀ sí pé owó mọ́tò ló ń ká wọn lára, kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ oníbàárà kékeré. Ẹni tó bá wá fi mọ́tò tirẹ̀ gbé e ti yọ ẹ̀gún yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ wọn.

Ní ti àwìn, Àlhájà sọ ohun méjì tó ń dẹ́rù bà wọ́n. Àkọ́kọ́ ni èlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé ìpìlẹ̀ dé 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, báńkì tó ń yá oníṣòwò lówó á sì tún lé tirẹ̀ sórí ìyẹn. Owó tó bá wà lọ́wọ́ wa fún oṣù kan ń jẹ èlé lọ́rùn tiwọn. Èkejì ni ikú adìẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, nígbà tí àrùn bọ́ọ̀dù-fúlùú padà wá sí Èkó àti Kánò, wọ́n pa adìẹ nínú ọgbà lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹni tó ra oúnjẹ láwìn kò sì rí nǹkan kan tà. Alágbàtà kan kì í gbàgbé irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà tí kò fi ọwọ́ kan ohun méjèèjì yìí, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kọ.

A wá jókòó ti kálẹ́ńdà. Ká fi ₦20,000 ṣírò àpò kan kó lè rọrùn. Ẹ̀yin ẹ fi iye ọjọ́ tiyín sí i. Bí a bá tẹ̀ lé òfin àtijọ́, mílíọ̀nù méjì náírà gbọ́dọ̀ jáde kí ọmọ adìẹ tó jẹ ìyẹ̀fun kan, adìẹ kò sì ní í ṣeé tà títí di ọjọ́ 42. Ọ̀nà tí a yàn ni pé a ó san owó àpò 30 àkọ́kọ́ pátápátá, ₦600,000. Nínú 40 ti ogúnjọ́, a ó san owó 20, ₦400,000, 20 yòókù á jẹ́ àwìn. Nínú 30 ti ọjọ́ 33, a ó san owó 15, ₦300,000, 15 yòókù á jẹ́ àwìn. Gbèsè wa kò ní í ju àpò 35 lọ láéláé, ìyẹn ₦700,000, a ó sì san gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ 56, nígbà tí a ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ta adìẹ.

Báwo ni àwìn yìí ṣe máa ná Àlhájà tó? Bí èlé bá jẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ₦400,000 tó bá jókòó fún ọjọ́ 36, àti ₦300,000 tó bá jókòó fún ọjọ́ 23, á jẹ èlé tó sún mọ́ ₦17,500. Ẹ pín in sórí àpò 35, ₦500 lórí àpò kan ni. Ìdí nìyí tí a fi kọ ₦500 yẹn sínú lẹ́tà fúnra wa. Alágbàtà mọ̀ pé àwìn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ẹ kò bá dárúkọ owó rẹ̀, á fi iye tó wù ú síbẹ̀, tàbí kó ní rárá.

Yorùbá la fi kọ lẹ́tà náà, nítorí èdè tí Àlhájà ń kà dáadáa nìyẹn. Ojú ewé kan péré ni. Bó ṣe lọ rèé:

“Àlhájà wa, ẹ kú ọjà o. A kí yín fún ààyè tí ẹ fún wa lọ́jọ́sí.

Àwa márùn-ún tí a fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí ń sin bùróílà ní Múṣin àti Súrùlérè. Adìẹ wa lápapọ̀ jẹ́ 600, àpò 100 ni wọ́n sì máa jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọwọ́ yín la fẹ́ ti ra gbogbo rẹ̀.

Ohun méjì la ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, kí ẹ jẹ́ kí a máa gbé e ní àpò 30, 40, àti 30, ní ọjọ́ tí a kọ sẹ́yìn ìwé yìí. Àwa la ó fi mọ́tò tiwa wá gbé e, lẹ́ẹ̀kan náà, lórúkọ ẹnì kan, ìwé rìsíìtì kan. Ẹ kò ní í san owó mọ́tò kankan lórí wa.

Èkejì, kí ẹ fún wa ní àpò 20 láwìn nínú ìgbà kejì, àti 15 nínú ìgbà kẹta. Àkọ́kọ́, owó ọwọ́ ni. Gbèsè wa kò ní í kọjá àpò 35. A ó san án tán ní ọjọ́ 56 tí ọmọ adìẹ dé, a sì ti kọ ọjọ́ náà gan-an sẹ́yìn ìwé. A ó fi ₦500 lé àpò àwìn kọ̀ọ̀kan nítorí ọjọ́ tí owó yín máa fi wà lọ́wọ́ wa.

Àwa márààrún ni onídùúró fún ara wa. Bí ẹnì kan kò bá rí tirẹ̀ san, àwa mẹ́rin yòókù la ó san án. A ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára adìẹ wa wá fún yín nígbà kejì àti ìgbà kẹta, kí ẹ tó gbé àwìn jáde. Bí adìẹ bá kú ju 60 lọ nínú 600, a ó sọ fún yín láàárín ọjọ́ méjì, a kò sì ní í gba àwìn kún un.

A bẹ̀ yín kí àpò tí ẹ máa fún wa jẹ́ èyí tí ọjọ́ tí wọ́n pò ó kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá wa lóhùn kí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ tó pé, nítorí ọjọ́ ọmọ adìẹ ti sún mọ́lé. A dúpẹ́.”

A tẹ ẹ̀dà méjì. Àwọn márààrún fọwọ́ sí i, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù wọn síbẹ̀, àgbà wọn ló sì mú un lọ fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí èrò kò tíì pọ̀ ní ìsọ̀. Ẹ kíyè sí i pé lẹ́tà náà kò sọ pé nǹkan le, kò sì sọ pé ọmọ ń lọ ilé ìwé. Gbogbo ènìyàn ló mọ ìyẹn, ti Àlhájà náà le. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni iye, ọjọ́, àti ẹni tí wọ́n máa dì mú.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí a máa dì mú yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú láyé àtijọ́, òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n. Onítọ̀hún á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà, á ní òun kò ní í dìde títí òun á fi gba owó òun. Ẹni tó bá ń ta àwìn ti ń ro ọjọ́ ìlóṣòó yẹn kí ó tó gbé ọjà jáde. Iṣẹ́ tí gbólóhùn onídùúró wa ń ṣe ni pé kí Àlhájà má ṣe ro ọjọ́ yẹn mọ́.

Ọjọ́ kẹta ni èsì dé. Wọ́n gba àpò 30, 40, 30, láìsí àríyànjiyàn. Wọ́n gba àpò 35 láwìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọjọ́ 56 ti jìn jù, ọjọ́ 49 lòpin, ₦700 ni wọ́n sì máa lé àpò àwìn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ₦500.

Ìnú bí méjì nínú àwọn márùn-ún. Wọ́n ní Àlhájà dín ọjọ́ kù, ó tún fi owó kún un. Òótọ́ ni, ìṣirò èlé kò gbé ₦700 fún ọjọ́ tó dín kù. Ṣùgbọ́n a ní kí wọ́n bi ara wọn ní ìbéèrè mìíràn: adìẹ mélòó la máa tà kí gbèsè yìí tó kúrò nílẹ̀? ₦700,000 àti ₦24,500 tó lé lórí rẹ̀ jẹ́ ₦724,500. Bí a bá ta adìẹ kan ní ₦7,500, adìẹ 97 ló máa san án. Láti ọjọ́ 42 sí ọjọ́ 49, ṣé a lè ta 97 nínú 600? Àwọn oníbùkátà ní Yàbá ti sọ̀rọ̀ 60 sílẹ̀, alápatà adìẹ kan ní ọjà Múṣin sì máa ń kó 50 lọ́sẹ̀. Kódà tí adìẹ 30 bá kú, tó jẹ́ iye tí ọlọ́sìn ń fojú sọ́nà fún, 97 ṣì wà níbẹ̀ dáadáa. ₦24,500 náà sì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦150,000 tí wọ́n ń fún oníṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀. Kódà tí ẹ bá yọ owó dáńfó ìgbà mẹ́ta, owó gidi ló kù sọ́wọ́. Wọ́n gbà á, Àlhájà sì fọwọ́ sí ẹ̀dà tiwa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ fi ìbéèrè adìẹ mélòó yẹn ṣe òṣùwọ̀n yín. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ẹ ní láti ta ìdajì adìẹ yín kí gbèsè tó kúrò, àwìn náà ti pọ̀ jù, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọlọ́sìn adìẹ ẹyin kò sì nílò ọjọ́ 49 rárá, nítorí ojoojúmọ́ ni ẹyin ń wá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì tó fún un. Ẹlẹ́ja àrọ̀ tó ń sin ẹja fún oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, alágbàtà díẹ̀ ló máa dúró dè é tó bẹ́ẹ̀. Kí òun tọrọ àwìn kìkì fún oṣù tó kẹ́yìn, tí ẹja ti ń sún mọ́ títà.

Nǹkan kan wà tó máa ń bá àwìn rìn, ẹ ṣọ́ ọ. Oníbàárà àwìn ni wọ́n máa ń fẹ́ gbé àpò tó ti pẹ́ nílẹ̀ fún, nítorí wọ́n rò pé ẹnu rẹ̀ kò lè gbà á. Ìdí tí gbólóhùn ọ̀sẹ̀ méjì fi wà nínú lẹ́tà wa nìyẹn. Nígbà tí wọ́n lọ gbé ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwa náà bá wọn lọ. A ka ọjọ́ tó wà lára ìwé tí wọ́n rán mọ́ ẹnu àpò, a wò ó bóyá wọ́n ti tú òwú àpò rán lẹ́ẹ̀mejì, a sì ki ọwọ́ bọ inú àpò mẹ́ta. Oúnjẹ tó dára máa ń tutù, ó máa ń tú yẹ́ríyẹ́rí, ó ń ta sánsán bí àgbàdo yíyan. Èyí tó ti ń bàjẹ́ máa ń gbóná lọ́wọ́, ó máa ń di gìdìgìdì, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti aṣọ tí kò gbẹ. Àpò mẹ́rin la dá padà lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ láìjà, nítorí ó wà nínú ìwé tí Àlhájà fọwọ́ sí.

Wọ́n san gbèsè náà tán ní ọjọ́ 47. Adìẹ 26 ló kú nínú 600. Ìyá tó fẹ́ tú ilé adìẹ rẹ̀ kò tú u mọ́, 150 ló ní kí wọ́n kọ sílẹ̀ fún òun nínú ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e, dípò 100. Lẹ́tà kejì ti lọ sọ́dọ̀ Àlhájà báyìí. Ọjọ́ 52 la tọrọ nínú rẹ̀, ₦600 la sì fi lé àpò àwìn. Rìsíìtì ìsanwó ọjọ́ 47 la fi sẹ́yìn rẹ̀.